Ọmọ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Tẹ̀ ní Ìlú Tí Oòrùn Kò Wọ́n

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, yóò kọjá ní Fìdítì kí ó tó dé Ìlọra. Ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí ni ọsàn, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì; ohun tí ara rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mọ̀ ni oòrùn. Kò sí oṣù kan nínú ọdún tí oòrùn kì í ràn ní agbègbè Afijió. Nítorí náà, bí a bá rí ọmọ kékeré níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tí dókítà sì fura pé àrùn rikẹ́ẹ̀tì ni, ìbéèrè kan dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwé àwọn òyìnbó ti sọ fún wa tipẹ́ pé àrùn àwọn ọmọ tí kì í rí oòrùn ni rikẹ́ẹ̀tì, irú àwọn ọmọ tó dàgbà nínú èéfín ilé iṣẹ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́. Oòrùn ló ń jẹ́ kí awọ ara wa ṣe fítámì D. Kí ló wá tẹ ẹsẹ̀ ọmọ Fìdítì?

Ọ̀nà tí a fi ń wá ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo sì fẹ́ fi hàn pé apá kan nínú iṣẹ́ náà, èyí tí ẹ̀rọ kò lè ṣe, jẹ́ iṣẹ́ èdè Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí àrùn náà jẹ́. Egungun ọmọdé ń gùn láti orí rẹ̀, ìyẹn ibi tí egungun kan ti pàdé èkejì, bíi ní ọrùn ọwọ́ àti orúnkún. Níbẹ̀, ara á kọ́kọ́ ṣe ohun rírọ̀ kan, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì mú un le, bí ìgbà tí a bá ń rẹ́ ògiri tí a fi amọ̀ mọ. Iṣẹ́ fítámì D ni pé kí ó ran ìfun lọ́wọ́ láti fa kálísíọ̀mù inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí fítámì D kò bá tó, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ yóò kọjá lọ lásán. Bí kálísíọ̀mù kò bá sí nínú oúnjẹ, kò sí ohun tí fítámì D yóò rí fà. Ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí: orí egungun kò le, ó ń fẹ̀, ó sì ń tẹ̀ nígbà tí ọmọ bá gbé ara lé e. Ẹni tó bá fi ojú lásán wo ọmọ náà kò lè mọ èyí tó gbà dé ibẹ̀.

Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe àrùn yìí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ: wọn á ní ẹsẹ̀ ọmọ náà wọ́, tàbí pé ó tẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ni rikẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń tẹ̀ síta díẹ̀ títí wọn ó fi pé nǹkan bí ọdún 2, lẹ́yìn náà orúnkún wọn á máa gbá ara wọn fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tọ́ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọ iṣẹ́ fi ń wo ibòmíràn yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Ó ń di ọrùn ọwọ́ mú láti mọ̀ bóyá ó ti fẹ̀. Ó ń fi ìka tọ egungun ìhà láti mọ̀ bóyá kókó wà lára wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ó ń wo àwùjẹ̀ bóyá kò tíì pa dé lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀. Ó ń bi ìyá léèrè ìgbà tí ọmọ rìn, àti bóyá ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ kí ó tó padà di ẹni tó ń jókòó sójú kan nítorí ìrora. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló tẹ̀, tí èkejì tọ́, yóò máa ro àrùn mìíràn, nítorí pé ohun tí oúnjẹ bá fà kì í sábà yan ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Ẹ̀rí tó ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni ẹ́kísíréè ọrùn ọwọ́ àti orúnkún. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, ìlà tó mọ́ kedere ni a ó rí ní orí egungun. Lára ọmọ tó ní rikẹ́ẹ̀tì, ìlà náà á ti parẹ́, ibẹ̀ á ti fẹ̀, á sì kò bí ìsàlẹ̀ ife, etí rẹ̀ á rí wúruwùru. Bí a kò bá rí èyí nínú ẹ́kísíréè, kò yẹ kí á máa da oògùn sí ọmọ lára nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti dùn nìyí, nítorí ẹ́kísíréè kan náà ni méjèèjì ń mú wá, yálà fítámì D ló kù díẹ̀ káàtó tàbí kálísíọ̀mù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́rẹ́ fítámì D ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń fún àwọn ọmọ wọ̀nyí nítorí ohun tí wọ́n kà nínú ìwé. Ní ọdún 1991, Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní rikẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sọ pé àìtó kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ló fà á. Ní ọdún 1999, Thacher, Pettifor àti àwọn mìíràn tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Jọ́ọ̀sì jáde. Wọ́n kó ọmọ 123 tó ní àrùn náà jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ fítámì D, àwọn kan gba kálísíọ̀mù 1000 mílígíráàmù lójúmọ́, àwọn yòókù gba méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti ẹ́kísíréè wọ̀n wọ́n, nínú 100 ọmọ tó gba fítámì D nìkan, 19 péré ni ara wọn yá tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Nínú àwọn tó gba kálísíọ̀mù, 61 ni. Nínú àwọn tó gba méjèèjì, 58 ni. Oòrùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára wọn dé ìwọ̀n kan. Ìkòkò ọbẹ̀ ni kò ṣe tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, wíwádìí ohun tí ọmọ ń jẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìkánjú ṣe ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé kí ìyá ka gbogbo ohun tó wọ ẹnu ọmọ láti òwúrọ̀ àná títí di òwúrọ̀ òní, kí wọ́n tún bi í léèrè iye ìgbà lọ́sẹ̀ tí ọmọ ń jẹ àwọn oúnjẹ díẹ̀ tí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ kan kò tó, nítorí ó lè jẹ́ ọjọ́ ìnáwó ni àná. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta tí kò tẹ̀ lé ara wọn ló dára, kí ọjọ́ ọjà wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, "Ṣé ọmọ yín ń mu wàrà?", ìyá lè rò pé wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà nínú igbá ni wọ́n ń sọ, kí ó sì dáhùn pé rárá, nígbà tó jẹ́ pé ó ń fi mílíìkì inú agolo sínú ògì ọmọ. Ó sì lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Ó yẹ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí a béèrè iye ṣíbí àti iye ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹja. "Ọmọ mi ń jẹ ẹja" lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé kí kálísíọ̀mù ibẹ̀ má tó nǹkan, nítorí pé egungun ẹja ni kálísíọ̀mù wà, kì í ṣe ẹran ara rẹ̀. Ìyá tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ á yọ gbogbo egungun kúrò kí ó má baà há a lọ́fun. Ìbéèrè tó tọ́ ni: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú ẹja wo ni? Ṣé ó ń rún un torí-torí ni, tàbí ẹ ń yọ egungun rẹ̀?" Ẹja kéékèèké gbígbẹ tí a rún mọ́ ọbẹ̀ tàbí tí a lọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ègé ẹja ńlá kan.

Ó kù síbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wa kan gbà pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin àti ẹran yóò di olè. Ìyá tó gba èyí gbọ́ kò ní sọ ọ́ fún àlejò, ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé, "Ta ló máa ń jẹ ẹja inú ọbẹ̀ nílé?", òtítọ́ yóò jáde. Ó sì yẹ kí a mọ ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ gan-an. Ìyá tó ń lọ sí ọjà Fìdítì láti ìdájí lè máà mọ ohun tí ìyá àgbà fún ọmọ lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọmọbìnrin kan wà ní Fìdítì tó jẹ́ ọdún 2 àti oṣù 9. Ó ti já lẹ́nu ọmú láti ìgbà tó ti pé ọdún kan àbọ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀, ẹ́kísíréè sì fi rikẹ́ẹ̀tì hàn. Ìyá rẹ̀ ka oúnjẹ àná. Ní òwúrọ̀ ó mu ògì ife kan pẹ̀lú àkàrà méjì. Àgbàdo tó wà nínú ògì náà kò ju nǹkan bíi 25 gíráàmù lọ, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò sì ju 3 mílígíráàmù. Àkàrà mú nǹkan bí 30 wá. Ní ọ̀sán ó jẹ àmàlà pẹ̀lú ewédú àti ègé ẹja kékeré tí wọ́n yọ egungun rẹ̀. Àmàlà lè ní 35, ewédú ìwọ̀nba tí ọmọdé lè jẹ lè ní 60, ẹja 10. Ó mu ọsàn kan, a ó fi 45 sí i. Ní alẹ́ ó jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, kò lè ju 5 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 188 mílígíráàmù. Àwọn iye wọ̀nyí kì í ṣe èyí tí a fi òṣùwọ̀n wúrà wọ̀n. Ewédú oko kan kì í ṣe ti èkejì. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè tún un ṣírò tí yóò fi di 500.

Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀mọ̀ràn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò pé fún ọmọ tó ti kọjá ọdún kan, ohun tó bá ju 500 mílígíráàmù lọ lójúmọ́ tó. Láàárín 300 sí 500 kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí kò bá tó 300 jẹ́ àìtó gidi. Ọmọ wa kò tó 300. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé agbára kò sí nínú ògì àti ẹ̀kọ tó kún inú rẹ̀: yàtọ̀ sí pé kálísíọ̀mù inú àgbàdo kéré, ohun kan tí a ń pè ní fítéètì tún wà nínú ọkà tí í di kálísíọ̀mù mú kí ìfun má lè fà á. Mílíìkì agolo tí kò ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ ìbá ti ju gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà lọ ní kálísíọ̀mù.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a sáré. Ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n fi àwọn ọmọ tó ní rikẹ́ẹ̀tì wé àwọn tí kò ní in. Àwọn aláìsàn ń jẹ nǹkan bí 203 mílígíráàmù lójúmọ́, àwọn tí ara wọn dá ń jẹ 196. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré kò tó láti fi sọ pé ọmọ kan ní rikẹ́ẹ̀tì. Ó kàn ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á lára ẹni tí ẹ́kísíréè ti fi àrùn náà hàn. Ara àwọn ọmọ kan ń gba ìyà yìí mọ́ra ju ti àwọn mìíràn lọ.

Ó wá kan fítámì D. A kọ́kọ́ ń fi ìbéèrè wádìí èyí náà: ṣé ọmọ ń ṣeré níta, fún ìgbà tó tó báwo, aṣọ wo ló ń wà lára rẹ̀, ṣé àìsàn ti dá a dúró sínú ilé láti oṣù mélòó kan? Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń parí ọ̀rọ̀. Oríṣi fítámì D méjì ni yàrá àyẹ̀wò lè wọ̀n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Èkíní dà bí owó tó wà nínú àpótí. Orúkọ rẹ̀ ni 25-háídírọ́sì fítámì D. Èkejì dà bí owó tó ti wà lọ́wọ́ tí a fẹ́ ná. Kíndìnrín ló ń sọ èkíní di èkejì yìí. Ti inú àpótí ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n. Bí kálísíọ̀mù bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké tó wà lẹ́yìn gògóńgò á pariwo sí kíndìnrín pé kí ó tètè ṣe owó ọwọ́ sí i. Nítorí náà, owó ọwọ́ lè pọ̀ lára ọmọ tó ń ṣàìsàn gan-an. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lè sọ pé fítámì D ọmọ náà pọ̀ rẹpẹtẹ.

Bí owó inú àpótí kò bá tó 12 nánógíráàmù nínú mílílítà kan, àìtó ni. Láàárín 12 sí 20 kù díẹ̀. Tó bá ju 20 lọ, ó tó. Ti ọmọ wa ní Fìdítì jẹ́ 15. Àwọn àbájáde yòókù nìyí: kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 7.9 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà, ó sì yẹ kí ó súnmọ́ 9 ó kéré tán. Fọ́sífétì lọ sílẹ̀. Họ́mónù àwọn ẹṣẹ́ ọrùn ga sókè. Ẹ́ńsáìmù egungun tí wọ́n ń pè ní álíkáláìnì fọsifatéèsì jẹ́ 900, bẹ́ẹ̀ ibi tí iṣẹ́ Jọ́ọ̀sì fi ààlà sí ni 350. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan há a láàárín: ẹ́ńsáìmù yìí máa ń ga lára gbogbo ọmọ tó ń dàgbà. Yàrá àyẹ̀wò tó bá tẹ ìwọ̀n àgbàlagbà sórí ìwé àbájáde yóò fi àmì pupa sí ti ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe.

Kí ni 15 yìí ń sọ? Ẹni tó bá fẹ́ràn fítámì D á ní, "Ẹ ò rí i, kò tó 20." Lóòótọ́, àwọn ọmọ aláìsàn ní Jọ́ọ̀sì ní nǹkan bí 14, àwọn tí ara wọn dá ní 20. Ṣùgbọ́n àìtó kálísíọ̀mù fúnra rẹ̀ ń tú àpótí náà. Bí kíndìnrín bá ti ń sáré ṣe owó ọwọ́, ara á túbọ̀ máa yára ba èyí tó wà nínú àpótí jẹ́. Nítorí náà 15 lè jẹ́ ọmọ tí àìtó kálísíọ̀mù bí, kì í ṣe ìyá àrùn náà. Fítámì D tó wà ní 15 kì í sábà dá rikẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí kálísíọ̀mù bá tó. Ohun tí a ó kọ sílẹ̀ nípa ọmọ yìí ni pé àìtó kálísíọ̀mù ló jẹ́ olórí ẹ̀sùn, tí fítámì D tó kù díẹ̀ sì ń bá a rìn. Méjèèjì ni a ó fún un, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fún un ní fítámì D nìkan.

Ẹ fi èyí wé ọmọ oṣù 8 kan ní Ìlọra, tó ń mu ọmú nìkan, tí wọ́n sì ń dì mọ́nú ilé nítorí òtútù àti ikọ́. Kálísíọ̀mù inú ọmú ìyá rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n fítámì D inú ọmú kéré gan-an. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 6, ẹsẹ̀ rẹ̀ ìbáà tẹ̀ bákan náà, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Fítámì D ni olórí ohun tó ń fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó fi kálísíọ̀mù tì í lẹ́yìn. Oòrùn wà níta. Ọmọ ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta kan ṣì wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Bí kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ bá tó, tí họ́mónù ẹṣẹ́ ọrùn kò ga púpọ̀, àmọ́ tí fọ́sífétì nìkan lọ sílẹ̀ gan-an, kíndìnrín ló ń da fọ́sífétì nù sínú ìtọ̀. Àjogúnbá ni irú èyí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹja lílọ̀ kò sì lè wò ó. Bí fọ́sífétì bá ga dípò kí ó lọ sílẹ̀, kíndìnrín fúnra rẹ̀ ni kí á yẹ̀ wò.

Àdéhùn ọdún 2016 ni pé kí ọmọ tó ti pé ọdún kan gba fítámì D 3000 sí 6000 yúnítì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán, pẹ̀lú kálísíọ̀mù 500 mílígíráàmù lójúmọ́. Ní ọdún 2016 yẹn kan náà ni iṣẹ́ mìíràn láti Nàìjíríà fi hàn pé 1000 ń mú egungun sàn kíákíá ju 500 lọ, pé 2000 kò sì dára ju 1000. Ìwọ̀n ti ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti dókítà rẹ̀ láti pinnu. Fún ọmọ wa ní Fìdítì, dókítà yóò tún ya ẹ́kísíréè lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 3, yóò sì tún wọn ẹ́ńsáìmù egungun. Bí a bá ti mọ ohun tó ń ṣe é dáadáa, ìlà funfun tuntun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní orí egungun, 900 á sì ti máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ni yóò tọ́ gbẹ̀yìn, ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò sì gbọdọ̀ gbé ọmọ lọ fún iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ kí egungun tó le. Bí ẹ́kísíréè kejì kò bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, tí ó sì dájú pé ọmọ ń lo oògùn náà, a ó padà sí ọ̀rọ̀ fọ́sífétì àti kíndìnrín.